Ọ̀bẹ Tó Ń Yà sí Ọ̀tún

Àlùbọ́sà kì í ṣe igi ìrókò. Ọmọdé tó bá ti mọ ọ̀bẹ í dì mú lè gé e. Ìdí nìyẹn tí ojú fi ń ti Bàbá Káfíńtà bó ṣe jókòó sórí àga nínú ilé ìdáná, tó na ọwọ́ òsì síwájú, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń wé bándéèjì mọ́ ọn níka.

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà, Nọ́ọ̀sì náà ni gbogbo ilé sì ń pè é. Ó ń wé bándéèjì láìsọ̀rọ̀. Bí Nọ́ọ̀sì bá sì ti dákẹ́, kí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ yáa múra sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀kejì rèé."

"Mo mọ̀."

"Àtàǹpàkò níjọ́sí, ìka ìfábẹ̀lá lónìí. Ṣé ẹ fẹ́ kárí wọn ni?"

"Ọ̀bẹ ló yà."

"Ọ̀bẹ yà! Ṣé ọ̀bẹ ní ẹsẹ̀ ni?"

Nọ́ọ̀sì tan iná fóònù rẹ̀, ó tàn án sí bàbá rẹ̀ lójú ọ̀tún, ó tàn án sí tòsì. Ó ní kó fi ìka kan imú ara rẹ̀. Ó ní kó fún ọwọ́ òun pọ̀ dáadáa. Bàbá fi ìbínú fún un débi pé ọmọ náà ní, "Ó tó, ó tó, ẹ má kán mi lọ́wọ́."

"Ṣé o ti rí i pé agbára ṣì wà níbẹ̀?"

"Agbára wà. Kì í ṣe agbára ni mò ń wò." Ó kó àpò oògùn rẹ̀ pọ̀. "Bàbá mi, ẹ gbọ́. Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ ó dáná níwájú mi. Ẹ ó gé àlùbọ́sà bí ènìyàn ṣe ń gé e. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kán sílẹ̀, ẹ̀kán kan péré, ẹ ó kó ẹrù yín, a ó jọ máa lọ sílé mi. Ọkọ mi ti palẹ̀ yàrá mọ́ fún yín."

"Ta ló ní kó palẹ̀ yàrá mọ́?"

"Èmi ni."

Ó kúnlẹ̀, ó kí bàbá rẹ̀ pé ó dàárọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bàbá Káfíńtà ń wo ẹnu ọ̀nà. Kò yé e bí ọ̀rọ̀ àlùbọ́sà kan ṣe di ọ̀rọ̀ kíkó ẹrù.

Kì í ṣe pé ilé ọmọ rẹ̀ burú. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló kan gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé inú ilé tó wà yìí, ìyàwó rẹ̀ ló sì pàṣẹ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò máa ṣí sí. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin obìnrin náà, kò tíì ṣí apá tirẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Kò mọ ìgbà tí yóò ṣí i. Ohun tó mọ̀ ni pé bí wọ́n bá mú òun kúrò nílé yìí, ẹlòmíràn ni yóò ṣí i.

Ó tún mú ọ̀bẹ náà wò. Ọ̀bẹ ìyàwó rẹ̀ ni, ọ̀bẹ gígùn, ojú rẹ̀ fẹ̀, èkù igi rẹ̀ ti dán nítorí ọwọ́ tó ti ń dì í mú láti ọdún gbọọrọ. Nígbà ayé obìnrin náà, òfin ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. "Ọ̀bẹ mi kì í gba ọwọ́ ẹlòmíì," ó máa ń wí bẹ́ẹ̀, á sì gbé ọ̀bẹ kékeré mìíràn lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Bàbá nìkan ló máa ń mú un, òun náà kò sì mú un fún ohun kan ju kó pọ́n ọn lọ. Ó mọ̀ ọ́n pọ́n. Ọ̀bẹ tó bá pọ́n lè fá irun ọwọ́.

Kí ló wá dé? Òun tó lè fi ayùn la pákó tí etí méjèèjì yóò bára mu bí ètè àti ètè ni àlùbọ́sà ń ṣe báyìí. Bó bá gbé ọ̀bẹ sí orí rẹ̀, tó tẹ̀ ẹ́, ojú ọ̀bẹ yóò rọra yà sí ọ̀tún bí ẹni tó rántí nǹkan tó gbàgbé sọ́jà. Ègé yóò nípọn lókè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò fẹ́lẹ́ bí ìwé. Bó bá wá tẹ ọwọ́ kó lè dá a padà sí òsì, kó tó mọ̀, ọ̀bẹ ti gé e níka.

Ó gbìyànjú láti rántí bí ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń ṣe é. Ìgbà wo ni kò wò ó? Lálaalẹ́ ni òun máa ń jókòó sí òdìkejì tábìlì, tí wọ́n á máa sọ̀rọ̀, tí ọwọ́ obìnrin náà á máa lọ kò-kò-kò lórí pákó. Ọlọ́wọ́ òsì ni bó bá kan ọ̀bẹ. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń jẹun, òun náà ló fi ń gba nǹkan, nítorí ìyá rẹ̀ ti na òsì yẹn títí ní kékeré. Àmọ́ tó bá ti wọ ilé ìdáná ara rẹ̀, òsì gba ọ̀bẹ nìyẹn. Bàbá di ojú, ó wò ó lọ́kàn. Àwọn ìka wo ló ká? Kí ló fi ń ti àlùbọ́sà? Ojú obìnrin náà nìkan ló ń rí. Ó la ojú. Ó fi ọ̀bẹ sí ọwọ́ òsì tó wé bándéèjì, ó gbìyànjú. Ó dà bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ kọ̀wé. Ó gbé ọ̀bẹ náà sílẹ̀.

Ṣé bí ọjọ́ ogbó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyí? Ó gbọ́ pé ọwọ́ ló kọ́kọ́ máa ń lọ.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí Bàbá ṣe tún ń gbìyànjú lórí pákó, obìnrin tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ ọgbà yọjú lójú fèrèsé. Ìyàwó ọmọkùnrin tó háyà ibẹ̀ ni, òun ni olórí àwọn tó ń dáná ní ilé oúnjẹ ilé ìwòsàn. Kúùkù ni wọ́n ń pè é, ó sì máa ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń gbọ́ gbàgà, gbàgà. Mo ní ṣé Bàbá ti tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ káfíńtà ni."

"Àlùbọ́sà ni, ìyàwó."

"Àlùbọ́sà ló ń dún báyẹn?" Ó ti wọlé. Ó wo orí pákó, ó wo ìka, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Kí ni àlùbọ́sà yìí fi ṣe yín?"

Bàbá sọ ọ̀rọ̀ Sátidé fún un ní ṣókí. Kúùkù kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó jáde, ó lọ mú ọ̀bẹ tirẹ̀ wá, ó sì rẹ aṣọ kan sínú omi, ó fún un.

"Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ eléyìí sábẹ́ pákó. Pákó tó bá ń rìn, ọ̀bẹ á bá a rìn."

Bàbá mi orí. Ìyẹn yé e. Òun náà kì í la igi láìdè é mọ́ tábìlì.

"Ẹ di ọ̀bẹ mú kí n rí i."

Bàbá di èkù mú bí ẹni di òòlù mú, ó na ìka ìfábẹ̀lá sí ẹ̀yìn ọ̀bẹ.

"Háà. Ibẹ̀ ni ẹ ti kọ́kọ́ ṣìnà. Kì í ṣe òòlù. Ẹ sún ọwọ́ yín síwájú. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ẹ̀gbẹ́ ìfábẹ̀lá fún irin ọ̀bẹ fúnra rẹ̀, níbi tó ti pàdé èkù. Bí ẹni fún imú ọmọ. Ìka mẹ́ta tó kù, ẹ fi wọ́n di èkù. Ẹ má fún un le jù, kò ní sá."

"Imú ọmọ," ni Bàbá wí.

"Ọmọ tó ní ọ̀fìnkìn. Ó dáa. Ọwọ́ kejì ńkọ́? Ẹ ká ìka sínú. Ẹ fi ṣóńṣó ìka pa mọ́ bí ìgbín. Oríkèé ìka ni kó wà níwájú, àtàǹpàkò kó sá sẹ́yìn gbogbo wọn. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ á máa fara kan oríkèé yẹn, òun ló ń fọ̀nà hàn án. Ẹ má sì gbé ojú ọ̀bẹ ga ju oríkèé lọ láé. Bí ẹ ò bá gbé e ga, kò sí bó ṣe máa bù yín jẹ."

Ó mú àlùbọ́sà kan. Ó gé orí rẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ìdí níbi tí gbòǹgbò wà. Ó gbé ojú tó ti gé dojú kọ pákó, ó la àlùbọ́sà náà sí méjì láti ìdí. Ó bó èèpo. Ó da ọ̀kan dojú dé.

"Kó tó di pé ẹ gé nǹkan yíyípo, ẹ wá ibi pẹlẹbẹ fún un. Ìdí yìí ni bàbá ìsàlẹ̀. Òun ló di gbogbo ìpele mú, ẹ má gé e kúrò títí dópin. Ẹ wò ó." Ó dojú ọ̀bẹ kọ ìdí, ó gé e lóòró, ègé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ègé, kò jẹ́ kí ọ̀bẹ dé ìdí. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí, ó gbé ìka sókè, ó sì fi ọ̀bẹ gé e ní ìbú lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni la búrẹ́dì. Ó yí ọwọ́ padà, ó ká ìka, ó wá gé e kọjá. Àlùbọ́sà ń já sílẹ̀ wẹ́wẹ́, gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ṣóńṣó ọ̀bẹ kò kúrò lórí pákó. Ìdí ọ̀bẹ nìkan ló ń lọ sókè, tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, tó sì ń tì síwájú díẹ̀díẹ̀.

"Báwo lo ṣe ń yá tó bẹ́ẹ̀?"

"N kì í yá, Bàbá. Ọ̀nà ni mò ń tọ̀. Ẹni tó bá ń lé yíyá nídìí ọ̀bẹ, ìka ló ń wá. Ó yá, ẹ̀yin ló kàn."

Bàbá gba ọ̀bẹ ìyàwó rẹ̀. Ó fún irin bí imú ọmọ. Ó ká ìka. Ó la àlùbọ́sà. Ọ̀bẹ yà, ìlàjì kan tóbi ju èkejì lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e lóòró. Ọ̀bẹ tún yà.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́, Bàbá."

"N kò tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ gbé e dúró ṣánṣán."

"Ó dúró ṣánṣán."

Kúùkù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó láti iwájú. Lóòótọ́, ó dúró ṣánṣán. Ìka ká bó ṣe yẹ. Bàbá tún gé e, ọ̀bẹ tún lọ sí ọ̀tún. Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Ẹ fún mi." Kúùkù gba ọ̀bẹ náà, ó gé ègé kan. Ojú rẹ̀ rọ. Ó tún gé òmíràn. "Kí ló ń ṣe ọ̀bẹ yìí?" Ó gbé e sókè, ó di ojú kan, ó wò ó láti èkù dé ṣóńṣó bóyá ó tẹ̀. Kò tẹ̀. Ó fi ìka tọ́ ojú rẹ̀ wò. "Ó mú ju tèmi lọ! Ọ̀bẹ tó mú, tó sì tọ́, kí ló tún wá ń wá lọ sápá ibẹ̀ yẹn?"

"Ìwọ ni kúùkù."

"Ẹ̀yin ni káfíńtà." Ó gbé e sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Bóyá ìyá ò tíì fún wa láṣẹ." Bó ṣe sọ ọ́ tán ló rí ojú Bàbá, ó kúnlẹ̀ kíá. "Ẹ má bínú, sà. Ẹnu mi ló yá."

"Dìde. Òun náà ì bá rẹ́rìn-ín."

Kúùkù ní òun ní ọ̀bẹ mìíràn nílé, kí Bàbá máa fi ìyẹn kọ́ iṣẹ́ ná. Ó lọ gbé e wá kó tó kọrí sí ibi iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ wá tún dojú rú. Ọ̀bẹ Kúùkù kì í yà rárá, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ Bàbá lọ́wọ́ kó máa tẹ nǹkan sí òsì kó tó yà. Ó ń dá ọ̀bẹ tí kò ṣẹ̀ padà. Lójoojúmọ́ ni Kúùkù ń yọjú lójú fèrèsé, tí á kígbe, "Ẹ fi í sílẹ̀, sà! Ó mọ̀nà!" Bàbá á sì fa ọwọ́ dúró bí ẹni tí wọ́n bá nídìí nǹkan. Àlùbọ́sà kún ilé. Ó sè é mọ́ ẹyin, ó sè é mọ́ ẹ̀wà. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ gbà. Kò yá, àmọ́ ègé ń dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ sì ń gun oríkèé ìka rẹ̀ lọ jẹ́jẹ́. Inú rẹ̀ kò dùn tó bó ṣe rò. Bó bá jẹ́ pé òun lè ṣe é, kí ló dé tí òun kò lè ṣe é tẹ́lẹ̀? Ǹjẹ́ wọ́n kì í ní àìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀? Kò bi ẹnikẹ́ni.

*

Lọ́jọ́ Sátidé, Nọ́ọ̀sì dé, ó gbé àpò oògùn rẹ̀ kọ́ èjìká, àpò ńlá kan tó ṣófo sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e ti ògiri. Bàbá rí i, ó ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ó rẹ aṣọ, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ pákó. Ó gé orí àlùbọ́sà, ó là á láti ìdí, ó bó èèpo, ó dà á dojú dé. Nọ́ọ̀sì dúró tì í, ó káwọ́ mọ́ àyà. Ó gé e lóòró. Ó gé e ní ìbú. Ó wá gé e kọjá, títí ó fi ku ìdí nìkan, ó sì ju ìyẹn dànù. Ẹ̀jẹ̀ kò kán.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Kúùkù."

"Ọ̀bẹ ta nìyẹn?"

"Ti Kúùkù náà ni."

"Àá." Nọ́ọ̀sì tú ọwọ́ sílẹ̀. "Ọ̀bẹ ọlọ́bẹ. Ìgbà tó bá wá gbà á padà ńkọ́? Bàbá, mi ò bá yín jà. Ó dára, mo rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ Màmá wà níbẹ̀ yẹn, ó mú, ẹ ò lè lò ó. Nǹkan tí ẹ ti ń wò láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí. Bí ọwọ́ bá ń jẹ́ ti ẹni lónìí, tí kì í jẹ́ ti ẹni lọ́la, a lórúkọ tí à ń pè é níbi iṣẹ́ wa."

"Ọ̀bẹ yẹn ń yà."

"Ẹ tún ti sọ ọ́." Ó na ọwọ́, ó mú ọ̀bẹ ìyá rẹ̀.

"Fi í sílẹ̀."

"Kí n kàn fi ìlàjì tó kù hàn yín ni."

"Mo ní kí o fi í sílẹ̀. Ìyá rẹ kò fẹ́ kí—"

Ó ti gbé e lé àlùbọ́sà. Ọwọ́ ọ̀tún ni Nọ́ọ̀sì ń lò. Ó gé ẹ̀ẹ̀kan, ó bojú jẹ́ díẹ̀. Ó gé ẹ̀ẹ̀kejì. Bàbá rí i bí ọwọ́ ọmọ náà ṣe tẹ ọ̀bẹ sí òsì, kó lè dá a padà, gẹ́lẹ́ bí tòun. Kó tó lanu, Nọ́ọ̀sì ti sọ ọ̀bẹ sílẹ̀, ó fi ìka ìfábẹ̀lá sẹ́nu.

"Ó yà!" ló wí, ìka ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ọmọ tí ilẹ̀ yọ̀ lẹ́sẹ̀. "Bàbá, ó yà. N kò ṣe nǹkan kan."

Bàbá kò sọ pé òun ti wí bẹ́ẹ̀. Ó ṣí àpò oògùn, ó fi omi fọ ìka náà, ó fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá, ó sì wé bándéèjì. Ọgbẹ́ náà kò jinlẹ̀. Ibi tí ti Bàbá fúnra rẹ̀ wà gan-an ló wà.

"Ọwọ́ tìrẹ náà ń lọ tó ń bọ̀?" ni ó bi í.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Ìgbà náà ni Bàbá mú ọ̀bẹ yẹn lọ síbi fèrèsé. Kò wò ó bí ọ̀bẹ mọ́. Ó dà á bó ṣe máa ń da ṣísẹ́ẹ̀lì tó fi ń gbẹ́ ihò sára pákó, kí ìmọ́lẹ̀ lè gun ojú rẹ̀. Apá ọ̀tún tẹ́ pẹrẹsẹ láti ẹ̀yìn dé ojú. Apá òsì nìkan ló dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níbi tí òkúta ìpọ́nbẹ ti jẹ ẹ́.

Ó fi àtàǹpàkò tọ́ ibẹ̀.

"Kí lẹ rí?"

"Èmi ni mo pọ́n ọn."

"Ta ni ì bá pọ́n ọn?"

"O ò gbọ́ mi. Bí à ń ṣe ń pọ́n ṣísẹ́ẹ̀lì ni mo pọ́n ọn, apá kan ṣoṣo. N kò mọ pípọ́n mìíràn nígbà yẹn. Apá ọ̀tún ni mo kọ́kọ́ pọ́n, ìyá rẹ dá a padà, ó ní ọ̀bẹ náà ń sá fún òun. Mo yí i padà sí òsì. Ó gé nǹkan kan níwájú mi, ó ní, 'Ó ti mọ̀ mí báyìí.' Láti ọjọ́ náà, apá yẹn nìkan ni mò ń pọ́n. Ọwọ́ mi ń ṣe é, èmi fúnra mi kò rò ó mọ́." Ó nàka sí apá náà. "Ibi tó dà gẹ̀rẹ́ ló ń ti ọ̀bẹ lọ sí òdìkejì. Lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ibi tó yẹ ló ń tì í sí. Lọ́wọ́ tiwa, ó ń tì í sí ìta."

Nọ́ọ̀sì gba ọ̀bẹ, ó wò ó, ó fi ìka kejì tọ́ apá kan, ó tọ́ apá kejì. "Ẹ pọ́n apá kejì náà, á bùṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìṣẹ́jú mélòó ni?"

"Kò pẹ́."

Àmọ́ kò gbéra. Ó mọ ohun tí yóò ṣe, ó mọ òkúta tí yóò lò, ó mọ iye irin tí yóò lọ. Bó bá pọ́n ọn tán, ọ̀bẹ tó dára ni yóò jẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò yé e ìdí tí ẹsẹ̀ òun kò fi ṣípò.

Nọ́ọ̀sì wo bàbá rẹ̀. Ó gbé ọ̀bẹ náà lé orí pẹpẹ, ibi gíga tí ọwọ́ ènìyàn kò ní ṣèèṣì kàn. Ó fa àga, ó jókòó sí òdìkejì tábìlì, ó gbé ọwọ́ tó wé bándéèjì lé itan.

"Bàbá, ebi ń pa mí. Ìlàjì kan ló kù."

Bàbá padà sídìí pákó. Ó mú ọ̀bẹ Kúùkù, ó fún irin rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ká ìka sínú.

"Mo máa ra ọ̀bẹ wá fún yín lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Èyí tí wọ́n pọ́n lápá méjèèjì."

"Nílé ta?"

Nọ́ọ̀sì wo àpò tó gbé ti ògiri bí ẹni tí kò mọ ẹni tó gbé e wá.

"Níbí ni, Bàbá. Níbo ló tún kù?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, kò yára.